Ọjọ́ Tí Hotspot Mi Kún

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ lójú mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, inú mi á ru. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni fóònù wà, èmi ni mo ra dátà orí ẹ̀, ilé wa ní Ìkòsí ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi sì ni gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjọ́ yẹn tiẹ̀ dára ju bó ṣe máa ń rí lọ. Àwọn èèyàn tó fẹ́ràn wa ni wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọn, èyí gan-an ni mi ò sì lè gbé mì.

Àgbóyì ni àbúrò mi obìnrin ń gbé nígbà náà, lódìkejì omi, níbi téèyàn ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Kétu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun ló máa ń dá àwọn aláìsàn lóhùn lórí fóònù, tó máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà fún wọn. Nígbà tí oyún ẹ̀ hàn dáadáa, wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọn ò pè é padà látinú ìsinmi yẹn mọ́. Ọkọ ẹ̀ ń wa yanrìn nínú odò, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí omi bá ti kún, kálukú á jókòó sílé ni. Báwo ló ṣe fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ sọdá omi láràárọ̀, kó tún wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù, kó sì padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú? Iṣẹ́ tó lè máa ṣe nílé nìkan ló kù fún un.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá ní àwọn ń wá ẹni tó máa jókòó sí ilé ara ẹ̀ tí á máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀ǹpútà, àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó kọ ìwé, wọ́n dá a lóhùn. Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Ó wá ku ìńtáfíù, èyí tí wọ́n máa bá a ṣe lójúkojú lórí fídíò. Wọ́n kọ ọ́ kedere sí i pé láptọ́ọ̀pù ni kó lò, kó má lo fóònù, torí láptọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ náà wà fún. Wọ́n tún fi kún un pé bí àwọn bá ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni àwọn máa máa wo bí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe lágbára tó. Ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bá ń já kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ gidi ni.

Ní Àgbóyì, ojú fèrèsé kan péré ni fóònù ẹ̀ ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ilé, èèyàn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orí síta kó tó gbọ́rọ̀. Mo ní láptọ́ọ̀pù ọkọ mi wà nílẹ̀, kó gbé ọmọ dání, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, pé bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i, ọ̀dọ̀ wa náà ni kó máa gbé ṣe é. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, torí náà mi ò kí ń jẹ́ kí dátà tán lórí fóònù mi. Hotspot mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ó dá mi lójú.

Kí n wá sọ bí hotspot yẹn ṣe di ti gbogbo ilé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ìyá onílé wà nísàlẹ̀, àwọn ayálégbé yòókù sì wà ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn. Mummy ni gbogbo wa ń pe ìyá onílé. Obìnrin dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná gòkè wá fún mi láràárọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó gòkè wá tó na fóònù ẹ̀ sí mi pé, “Ìyàwó, bá mi fi wáìfáì yín sí i, mo fẹ́ wo ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Canada,” ta ló fẹ́ sọ pé rárá? Mo fi sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi sí tẹlifíṣọ̀n òun náà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi sí i. Láti ẹnu Mummy ni password ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá káfíńtà, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó ń gbé ní bọ́ìsì kọ́tà, láti ibẹ̀ ló sì ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń jí nínú ọgbà. Kò sẹ́ni tó bi mí. Nínú ilé wa, ohun tí Mummy bá ti lò ti di ti ilé nìyẹn.

Nígbà tí mo ra fóònù tuntun, mo rò pé òpin ti dé bá a. Ọkọ mi ló bá mi to fóònù náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Ó ní, “Orúkọ àtijọ́ àti password àtijọ́ náà ni mo fi sí hotspot ẹ̀ o, kí Mummy má baà tún máa gòkè wá bèèrè.” Mo ní o ṣeun. Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: bí mo bá ti ń tan hotspot, gbogbo fóònù tó ti mọ orúkọ àti password yẹn nínú ọgbà á wọlé fúnra wọn, láìjẹ́ pé olúwa wọn fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, tí kálukú ti jáde, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dé, ìwé kékeré kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ á máa fà bí ìgbín, èmi á sì máa bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní Thursday, àbúrò mi dé, a sì gbìyànjú ẹ̀ wò. Láptọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ rí orúkọ hotspot mi rárá. Orúkọ hotspot àwọn ará àdúgbò ló ń tò jáde, tèmi tó wà lórí tábìlì níwájú ẹ̀ ni kò rí. Ọkọ mi ló rántí pé òun ti yí i. Ọ̀nà méjì ni fóònù mi lè fi pín íńtánẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan yára ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà, ìkejì lọ́ra díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń kọjá ògiri. Èyí tó yára ló ti gbé e sí, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn ò sì mọ̀ ju èyí tó lọ́ra lọ. Ó dá a padà, láptọ́ọ̀pù rí i, ó wọlé. Àbúrò mi pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan lórí fídíò, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, àwòrán ò yẹ̀, ohùn ò já. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ọ̀sán ni, pé ọgbà ṣófo.

Saturday, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ìńtáfíù. Lálẹ́ Friday mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mummy, torí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wa gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ní interview lórí computer lọ́la. Tí iná ò bá sí, ẹ bá mi mú sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan gen.”

Mummy gbé ọwọ́ lé mi lórí. “Ṣé ìyẹn náà ni? Mi ò ní tàn án. Ọmọ mi náà kọ́ ni? A máa wá gòkè wá fi àdúrà tì í lẹ́yìn.”

Mo ní ẹ ṣé, Mummy. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó lù, pálọ̀ mi ti kún. Mummy jókòó sórí àga ọkọ mi. Àwọn ọmọ ẹ̀ tó ti dàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá káfíńtà wà níbẹ̀ tòun ti ìyàwó ẹ̀, ó ti ní òun máa ṣe tòun ní ìlànà Mùsùlùmí lẹ́yìn tí Mummy bá ti kọ orin tirẹ̀ tán. Àwọn ayálégbé yòókù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Orí fóònù ni Mummy ti ń ka Sáàmù báyìí, orí fóònù ni Bàbá káfíńtà ti ń ka tiẹ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó kù. Ẹlòmíì mú méjì dání. Mo rí gbogbo ẹ̀, mi ò ronú nǹkan kan sí i. Orí mi tiẹ̀ wú. Mo ní, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wa.

Wọ́n gbàdúrà fún àbúrò mi, ó ṣe àmín, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi àti ọkọ mi wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà kan, èyí tó ti fún un díẹ̀ lápá. Ọmọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tan hotspot. Àbúrò mi tẹ orúkọ hotspot náà lórí láptọ́ọ̀pù. Ó yí, ó yí, ó yí, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò lè wọlé.

Ó tún un tẹ̀. Kò wọlé. Mo ní password ló ṣì tẹ̀, mo gba láptọ́ọ̀pù, mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Kò wọlé. Ọkọ mi ní kó jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù gbàgbé hotspot náà, kó wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é, kò wọlé. Ọkọ mi ní ká lo okùn, ká fi okùn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Okùn tó wà nílé, èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, ó ń gba iná, kì í gba nǹkan míì. Láptọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu òun. Mo pa hotspot, mo tún un tàn. Kò wọlé. Mo pa fóònù gan-an, mo tún un tàn. Kò wọlé. Bí mo ṣe ń pa á tí mo ń tàn án yẹn ni mo ń ba nǹkan jẹ́ sí i, torí bí mo bá ti ń tàn án, àwọn fóònù tó wà ní pálọ̀ ń sáré wọlé kí láptọ́ọ̀pù tó mí. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo kàn rí i pé aago mẹ́wàá ti kọjá.

Àbúrò mi ní, “Aunty mi, wọ́n á ti máa dúró dè mí.”

Mo gbọ́ Mummy láti pálọ̀. Ó ti mọ̀ pé nǹkan ò lọ dáadáa, ó sì gbé ohùn sókè pé ọ̀tá ò ní rí i gbé ṣe. Gbogbo wọn ní àmín. Mo jáde lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn míì lábẹ́ ohùn àdúrà, ohùn oníwàásù kan tó ń lọgun látinú fóònù Mummy, tó gbé e lé itan, tí fídíò ń lọ lórí ẹ̀ wìrìwìrì láìdúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù.

Àná ọjọ́ yẹn ni Mummy sọ fún mi pé òun ò ní dátà lórí fóònù.

Mo ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, data wo lẹ fi ń wo fídíò yẹn?”

Mummy wò mí bí ẹni pé mo bi í ní orúkọ ara ẹ̀. “Tiyín náà ni now. Òun ló wọlé fúnra ẹ̀. Kí ló dé?”

Mo wo fóònù ọwọ́ mi, mo ṣí ojú ibi tí hotspot wà, ó wà níbẹ̀ gbagidi: ó ti kún. Fóònù mi kì í gbà ju ẹ̀rọ mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá jẹ́ kọkànlá, yálà ó ní password tàbí kò ní, á lé e padà ni, kò sì ní sọ ìdí fún un. Ẹ̀rọ mẹ́wàá ti wọlé. Tẹlifíṣọ̀n Mummy wà lára wọn, nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ni kọkànlá. Àwọn tó wá gbàdúrà kí ọ̀nà là fún un ni wọ́n jókòó sójú ọ̀nà.

Mo fẹ́ pariwo. Mi ò pariwo, àgbà ni wọ́n. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin Daddy, ẹ̀yin Mummy, ẹ bá mi pa wáìfáì orí fóònù yín. Ó ti kún, kọ̀ǹpútà ò rí àyè wọlé.”

Bàbá káfíńtà pa tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é lóore. Àwọn yòókù ń wo ojú Mummy. Mummy ní, “Ó ti kún kẹ̀? Ṣé bọ́ọ̀sì ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, pé ọmọ òun ló máa ń bá òun ṣe é. Ọmọ ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ku díẹ̀ kó parí. Mo dúró níbẹ̀ tòun ti fóònù mi tí mo rà, dátà mi tí mo rà, nínú pálọ̀ mi, mo ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ni ín lò ó. Mi ò tíì rí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ rí, èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ìwọ̀sí ni.

Mummy wá ní, “Ìyàwó, àbí torí data la ṣe wá? Àdúrà la wá gbà o.” Ojú ẹ̀ ti yí padà.

Mo padà wọ yàrá, mo yí password. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni ọwọ́ mi tẹ̀: efiwasile. Ẹ fi wá sílẹ̀. Mo kó o pọ̀ láìsí àmì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni gbogbo wọn já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí oníwàásù dákẹ́ ní pálọ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ Mummy pòṣé. Àbúrò mi tẹ password tuntun sí láptọ́ọ̀pù, ó wọlé ní kíá, ojú obìnrin kan tó wọ gíláàsì sì yọ lójú ẹ̀.

Àbúrò mi tọrọ àforíjì fún pípẹ́ tó pẹ́. Obìnrin náà ní kò sí wàhálà. Àbúrò mi wá gbé ohùn ilé ìwòsàn wọ̀, ohùn tí mo ti gbàgbé pé ó ní, èyí tó fi máa ń bá aláìsàn tí inú ń bí sọ̀rọ̀ títí inú ẹ̀ á fi rọ̀. Wọ́n bi í pé kí ló máa ṣe bí oníbàárà bá bú u. Ó dáhùn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo dúró létí fèrèsé, mo gbé fóònù síbi tí oòrùn ò ti ní mú un, torí bó bá gbóná jù, òun náà á fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Íńtánẹ́ẹ̀tì ń lọ geere. Ọkọ mi na àtàǹpàkò sókè sí mi pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i.

Fóònù bá dún.

Àbúrò ìyá wa ọkùnrin ni, Uncle wa tó ń gbé ní Ògùdù GRA, ẹni tó ní ká sọ fún òun bó bá ti parí. Nínú fóònù mi, ìpè ò lè gba orí 4G. Bí ìpè bá ti wọlé, fóònù á já bọ́ sórí 3G láti lọ dá a lóhùn, á sì fa gbogbo ẹni tó wà lórí hotspot já bọ́ pẹ̀lú ara ẹ̀. Kódà béèyàn ò bá gbé ìpè náà, ó ti já nìyẹn. Mo pa ìpè. Mo gbójú sókè, obìnrin onígíláàsì ti dì lójú láptọ́ọ̀pù, ẹnu ẹ̀ wà ní lílà. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

4G padà díẹ̀díẹ̀. Àwòrán tún ń rìn. Obìnrin náà ní, “A pàdánù yín o, ẹ tún èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn sọ.” Àbúrò mi tún un sọ. Èmi yára tẹ ọ̀rọ̀ sí Uncle: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè báyìí, interview ń lọ lọ́wọ́, fóònù yìí la fi ń ṣe é.

Àgbà wo nínú ẹbí wa ló ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i? Bí àgbà bá ti rí i pé o kọ nǹkan, á pè ọ́ láti bi ọ́ pé kí lo kọ. Uncle pè. Mo pa á. Ó rò pé ìlà ló já, ó tún pè. Ọkọ mi ní kí n gbé fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ bí mo bá gbé e síbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì náà ti lọ nìyẹn. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń dínà mọ́ nọ́ńbà, ọwọ́ mi ń ṣi ọ̀nà, Uncle ń pè. Lójú láptọ́ọ̀pù, obìnrin náà dì, ó rìn, ó dì. Nígbà tí mo fi rí nọ́ńbà Uncle dí, àwòrán ti padà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti bọ́ gíláàsì lójú.

Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an. Ẹ dáhùn dáadáa. Ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa.”

Àbúrò mi pa láptọ́ọ̀pù dé, ó jókòó jẹ́jẹ́. Ọmọ jí, ó gbé e sọ́mú. Èmi ni mo ń rìn káàkiri yàrá, tí mo ń sọ̀rọ̀ fún ògiri. Mo ṣí Uncle sílẹ̀, mo pè é. Ó ní, “Ah, kí ló ṣe yín tẹ́ ẹ ń já ìpè? Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá network yín dára ni.” Mo ní ó dára, sà. Ní pálọ̀, àwọn àga ti ṣófo. Wọn ò dúró gbọ́ bó ṣe lọ.

Ní Tuesday, ìwé dé. Wọ́n kọ ọ́ pé ìdáhùn ẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn, ó sì dùn àwọn pé àwọn ò lè gbà á, torí íńtánẹ́ẹ̀tì ibi tó ń gbé kò ṣeé gbára lé. Mo kà á, mo tún un kà. Ibi tó ń gbé! Mo fẹ́ kọ̀wé padà sí wọn, mo fẹ́ sọ fún wọn pé íńtánẹ́ẹ̀tì wa ò ní àléébù, pé ẹ̀rọ mẹ́wàá àti Uncle kan ló wà lórí ẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ta ló fẹ́ ka irú ẹ̀? Inú bí mi sí ilé iṣẹ́ yẹn, inú bí mi sí Uncle, inú bí mi sí ọkọ mi àti jẹ́jẹ́ ẹ̀. Inú bí mi sí Mummy jù, ẹni tó jẹ́ pé láti Saturday yẹn, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, “Ẹ ǹ lẹ́” ló fi ń dá mi lóhùn, torí mo já a kúrò lórí wáìfáì lójú àwọn ayálégbé ẹ̀.

Ẹnìkan ló lọ sọ fún un pé iṣẹ́ náà ò bọ́ sí i. Mummy gòkè wá lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àbúrò mi ò tíì padà sí Àgbóyì, ó gbé àgbàdo sísè àti àgbọn dání, ó ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn. Ó dì mọ́ àbúrò mi tọmọtọmọ. Omijé wà lójú ẹ̀, mi ò lè sọ pé kò sí. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Network orílẹ̀-èdè yìí ni. Ọlọ́run á ṣí èyí tó dára jù fún ẹ.”

Mo wà níbi ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun mi, gbogbo ẹ̀, láti orí tẹlifíṣọ̀n títí dé orí bọ́ọ̀lù. Àbúrò mi wò mí, ó mi orí díẹ̀ pé rárá.

Mummy nu ojú ẹ̀. Ó jókòó sórí àga ọkọ mi, ó fa fóònù yọ láti inú báàgì, ó na ọwọ́ ẹ̀ gùn kó lè rí i dáadáa. “Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n rántí. Wáìfáì yẹn ò wọlé mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kí ni password tuntun?”

Àbúrò mi gbé ọmọ bọ́ sí èjìká kejì, ó sì ń ka efiwasile fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn ilé ìwòsàn yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà ṣì í tẹ̀. Mummy ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò dúró kà á pọ̀. Nígbà tó tẹ èyí tó kẹ́yìn, ó dúró, ó ń wo ojú fóònù, ó wá rẹ́rìn-ín.

“Ó ti wọlé,” ló wí. “O ṣé, ọmọ mi. Wẹ́rẹ́ báyìí náà ni tìẹ á ṣe wọlé.”

Àbúrò mi ní àmín.